Mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo rà á fún un: bí a ṣe ń kọ́ àwọn ọ̀rọ̀ kékeré Yorùbá pẹ̀lú ẹnìkejì wọn

Ẹni tó bá ti kọ́ àgbàlagbà kan ní Yorùbá rí á ti gbọ́ irú gbólóhùn yìí: "Mo ra aṣọ yìí láti ìyá kan ní Balógun." Kò sẹ́ni tí ohun tó ń sọ ò ní yé, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Yorùbá tó máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ ńlá inú ẹ̀ pé pérépéré: rà, aṣọ, ìyá, Balógun. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣoṣo ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. "Mo ra aṣọ yìí lọ́wọ́ ìyá kan" ni à ń wí.

Àṣìṣe yìí kì í ṣe ti àìmọ̀ọ́kà tàbí àìgbọ́n. Ẹni tó ń kọ́ èdè máa ń mú ọ̀rọ̀ kékeré kan nínú Gẹ̀ẹ́sì, á wá ẹyọ kan tó jọ ọ́ nínú Yorùbá, á sì rò pé òun ti rí i. Ohun tí kò mọ̀ ni pé nínú Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń gbé ìrìn náà. Ẹ wo méjì yìí: "Ó dúró ní Yábàá" àti "Ó kúrò ní Yábàá." Ní kan náà ló wà nínú méjèèjì, síbẹ̀ ẹnì kan wà níbẹ̀, ẹnì kejì ti lọ. Kúrò ló sọ fún wa pé ó ti lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà kàn nìkan ni ní ń tọ́ka sí. Bákan náà ni rà àti gbà: wọ́n ti ní "kí nǹkan kúrò lọ́dọ̀ ẹnì kan wá sọ́dọ̀ ẹlòmíì" nínú, nítorí náà wọn ò nílò láti kankan.

Nítorí èyí, mi ò kí ń kọ́ ẹnikẹ́ni ní "ìtumọ̀ ní" tàbí "ìtumọ̀ sí." Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ni mo máa ń mú, tí mo máa kọ́ ọ pọ̀ mọ́ àwọn ọ̀rọ̀ kékeré tó ń bá a rìn. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tó ń kọ́ ìyàwó rẹ̀, ọkọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ tàbí ẹnìkejì rẹ̀ níbi iṣẹ́, àti fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ti lè ka Yorùbá díẹ̀ fúnra rẹ̀. Àpẹẹrẹ mi ni obìnrin kan tó ń gbé ní Yábàá, tó wá láti ìpínlẹ̀ Delta, tó fẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú. Ìyàwó wa ni màá máa pè é, torí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ń pè é.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mú ọ̀rọ̀-ìṣe kan àti ìṣẹ̀lẹ̀ kan

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe gan-an lọ́sẹ̀ yẹn. Ìyá ọkọ ìyàwó wa, tó ń gbé ní Múṣin, fún un lówó pé kó lọ sí Èkó lọ ra ànkárá aṣọ ẹbí wá. (Àwa tí à ń gbé òkè odò ṣì máa ń sọ pé "mò ń lọ sí Èkó" nígbà tó bá jẹ́ Ìdúmọ̀tà tàbí Balógun là ń lọ.) Ó lọ, ó sì rà á. Ìrìn àjò kan péré yìí tó láti fa gbólóhùn mẹ́fà yọ:

Ó ra ànkárá ní Balógun.
Ó ra ànkárá lọ́wọ́ ìyá aláṣọ.
Ó ra ànkárá ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà.
Ó ra gèlè fún ọ̀rẹ́ rẹ̀.
Ó bá ìyá ọkọ rẹ̀ ra ànkárá.
Ó fi owó ìyá ọkọ rẹ̀ ra ànkárá.

Ọ̀rọ̀-ìṣe kò yí padà. Ọ̀rọ̀ kékeré nìkan ló ń yí, gbogbo ìtumọ̀ sì ń yí tẹ̀lé e. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde lẹ́nu, kí ẹ tó ṣàlàyé ohunkóhun.

Ibi tó máa ń há fún ọ̀pọ̀ èèyàn ni bá àti fún. Nínú èdè tí wọ́n ti ń bọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Nínú Yorùbá, bí mo bá ní "bá mi ra búrẹ́dì," iṣẹ́ mi ni mo rán ọ, nígbà púpọ̀ owó mi náà ni. Bí mo bá ní "ra búrẹ́dì fún mi," búrẹ́dì ń bọ̀ lọ́wọ́ mi, ó sì lè jẹ́ pé ìwọ lo máa sanwó rẹ̀. Ìyá ọkọ ló ni owó, ló sì ni ìránṣẹ́, nítorí náà ìyàwó wa bá a rà á. Gèlè tó kó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀bùn, ó rà á fún un.

Inú danfo ni ìyàtọ̀ yìí ti ń hàn jù. Ká ní ṣénjì ò sí lọ́wọ́ ìyàwó wa, tí kọ́ńdọ̀ sì ti ń na ọwọ́. Ó kọjú sí ẹni tó jókòó tì í, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi san owó ọkọ̀." Ohun tó fẹ́ ti yéni: gbèsè mi ni, ẹ bá mi san án. Bó bá ní "ẹ san owó ọkọ̀ fún mi," èèyàn lè gbọ́ ọ bíi pé òun gan-an ni kí wọ́n sanwó fún, bíi pé òun ni kọ́ńdọ̀. Àyíká ọ̀rọ̀ lè gbà á là, ṣùgbọ́n bá kò fa iyèméjì kankan níbẹ̀.

Bá ní iṣẹ́ mìíràn tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ kó má baà ṣi í gbọ́. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀ lé e bá jẹ́ ohun tí ẹni méjì jọ ń ṣe, bíi sọ̀rọ̀, jà, ṣeré, jẹun, gbé, ẹni tí bá dárúkọ ni ẹnìkejì nínú iṣẹ́ náà: "mo bá a sọ̀rọ̀," "ó bá wọn jẹun." Bó bá jẹ́ iṣẹ́ tí a ń ránni, bíi rà, kí, mú wá, wò, ẹni tí bá dárúkọ ló ni iṣẹ́: "ẹ bá mi kí wọn nílé." Gbé ti ẹrù lè gba méjèèjì. "Bá mi gbé e" lè jẹ́ kí a jọ gbé e, ó sì lè jẹ́ pé kó o gbé e nítorí tèmi. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé àwa náà máa ń wo ẹrù náà ká tó mọ èwo ni wọ́n ní lọ́kàn.

Fi ò gba àlàyé gígùn. Ohun tí a lò láti ṣe nǹkan ni fi ń gbé síwájú: fi owó rà á, fi ọ̀bẹ gé e, fi ẹsẹ̀ rìn. Àṣìṣe tí ẹ máa gbọ́ ni "mo gé e pẹ̀lú ọ̀bẹ." Pẹ̀lú fẹ́ràn àwọn tó ń rìn pọ̀ àti ohun tó wà lára ẹni. Nígbà tí kọ́ńdọ̀ bá ń pariwo "ẹ wọlé pẹ̀lú ṣénjì yín o," kò ní kí ẹ fi ṣénjì ṣí ilẹ̀kùn, kí ó ti wà lọ́wọ́ yín ló ń wí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yọ orúkọ, ẹ fi arọ́pò-orúkọ sí i

Ìgbésẹ̀ yìí ló ń fi hàn irú ọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀ kékeré náà jẹ́, òun náà ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ má dárúkọ ẹni náà mọ́.

Ó rà á lọ́wọ́ rẹ̀.
Ó rà á fún un.
Ó bá a rà á.
Ó fi í rà á.

Lẹ́yìn lọ́wọ́ a ní rẹ̀, bí a ṣe ń wí "ilé rẹ̀" àti "aṣọ rẹ̀," nítorí pé ọwọ́ ṣì wà nínú lọ́wọ́, ọ̀rọ̀-orúkọ sì ni ọwọ́. Ní àti ọwọ́ ni wọ́n so pọ̀. Ẹbí lọ́wọ́ pọ̀: lọ́dọ̀ rẹ̀, lórí rẹ̀, nínú rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀, nítorí rẹ̀. Nínú gbogbo wọn, ọ̀rọ̀-orúkọ kan fara pamọ́ síbẹ̀: ọ̀dọ̀, orí, inú, ẹ̀yìn, ìtorí. Pẹ̀lú náà ń gba rẹ̀.

Lẹ́yìn fún, bá, fi àti sí, arọ́pò tí ọ̀rọ̀-ìṣe ń gbà la ń lò, ìyẹn fáwẹ́lì tó ń tún ìró tó ṣáájú rẹ̀ pè: fún un, bá a, fi í, sí i. Ìdí rèé tí àwọn onímọ̀ èdè fi ń jiyàn bóyá irú àwọn ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ atọ́kùn tàbí ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ ò nílò kí iyàn náà parí. Ohun tó nílò ni kó mọ̀ pé "lọ́wọ́ a" kò sí, "bá rẹ̀" kò sì sí. Bó bá ti gbọ́ "bá rẹ̀" lẹ́nu ara rẹ̀, kó mọ̀ pé òun ti ka bá sí ọ̀rọ̀-orúkọ.

Ìdánwò yìí ní ibi tí kò ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ máa ń wà. Ìyàwó wa kò lè pe ìyá ọkọ rẹ̀ ní "rẹ̀" tàbí "a." Wọn ló máa lò: ó bá wọn rà á, ó rà á lọ́wọ́ wọn, ó rà á fún wọn. Wọn kò yí padà lẹ́yìn bá, lọ́wọ́ àti fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni mi, wa àti yín: bá mi, lọ́wọ́ mi, bá yín, lọ́wọ́ yín. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń fi àgbà nìkan ṣe àpẹẹrẹ, ó lè lo oṣù púpọ̀ láìmọ̀ pé òun ò mọ ìyàtọ̀ náà. Ọ̀rẹ́, àbúrò tàbí nǹkan tí kì í ṣe èèyàn ni kí ẹ fi dán an wò. Rẹ fún ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ náà dára: "mo rà á lọ́wọ́ rẹ" ṣùgbọ́n "mo rà á fún ọ."

Ẹ tún rántí pé lẹ́nu ará Èkó, rẹ̀ sábà máa ń di ẹ̀: lọ́wọ́ ẹ̀, nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ ọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n kó máa kọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ béèrè ìbéèrè

Gbólóhùn méjì ní ní nínú àwọn mẹ́fà àkọ́kọ́: ní Balógun àti ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè, ẹ ó rí i pé wọn kì í ṣe ọ̀kan.

Níbo ló ti rà á? Balógun ló ti rà á.
Èló ló rà á? Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ló rà á.

Nígbà tí ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ bá ṣáájú, ní á lọ, ti á sì yọjú ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Nígbà tí iye owó bá ṣáájú, ní á lọ, nǹkan kan ò sì rọ́pò rẹ̀. Ẹ gbọ́ bí kọ́ńdọ̀ ṣe ń béèrè: "Níbo lẹ ti wọkọ̀?" Ẹni tó bá gbàgbé ti níbẹ̀, tó ní "Balógun ni mo rà á," ti sọ pé odindi Balógun lòun rà. Ìṣòro tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó ti ń sọ Yorùbá dáadáa nìyí. Wọn ò ní ṣì í nínú gbólóhùn lásán, ìdáhùn ìbéèrè ló ń tú wọn fó.

Lọ́wọ́ ń tẹ̀ lé òfin ti ibi, torí pé ibi kan ni ọwọ́ jẹ́ nínú rẹ̀: "Ọwọ́ ta ló ti rà á?" "Ọwọ́ ìyá aláṣọ ló ti rà á." Fún, bá àti fi kì í lọ síbì kankan, wọ́n á dúró sí àyè wọn láìní ẹnìkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn:

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló rà á fún.
Ìyá ọkọ rẹ̀ ló bá rà á.
Owó ìyá ọkọ rẹ̀ ló fi rà á.

Sí náà ń dúró: "Orí tábìlì ni mo gbé e sí." Àmọ́ lẹ́yìn lọ, ó máa ń sá: "Mò ń lọ sí ọjà" ń di "Ọjà ni mò ń lọ."

Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà tí kì í gba ti yìí, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ́ wọn lọ́tọ̀. Wà àti gbé ni olórí wọn. Bí wọ́n bá bi ìyàwó wa pé "Níbo lò ń gbé?" "Yábàá ni mò ń gbé" ni ìdáhùn. Ẹni tó bá kọ́ òfin ti láìkọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe pẹ̀lú rẹ̀ á máa fi ti síbi tí kò yẹ. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyẹn pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni kí ẹ kọ orí ìwé sí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: yá, níbi tí ọ̀rọ̀ kékeré ti ń pinnu ẹni tó jẹ gbèsè

Lẹ́yìn rà, yá ni mo máa ń fà wá, torí pé ẹni tó bá ṣì í lò lè dá ìjà sílẹ̀.

Mo yá ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi.
Mo yá ọ̀rẹ́ mi ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún.

Nínú ti àkọ́kọ́, èmi ni mo jẹ gbèsè. Nínú ti kejì, òun ló jẹ mí. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni. Ohun tó tẹ̀ lé yá tààrà ni kí akẹ́kọ̀ọ́ wò: bó bá jẹ́ owó, owó ń wọlé sọ́dọ̀ mi, lọ́wọ́ á sì sọ ibi tó ti wá. Bó bá jẹ́ èèyàn, owó ń jáde lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ní á sì sọ ohun tó gbà.

Ní ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí kì í ṣe ní ti ibi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fa àbọ̀ kejì wọlé lẹ́yìn ẹni tó gbà á, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe ló sì ń lò ó bẹ́ẹ̀: fún mi ní omi, kọ́ mi ní Yorùbá, bi mí ní ìbéèrè, pè mí ní ọ̀lẹ, jà mí ní olè. Ẹ bi í léèrè bí ti ìgbésẹ̀ kẹta: "Owó ni mo yá a." Ti kò yọjú. Ẹ̀rí nìyẹn pé ní yìí kò bá ti Balógun tan.

Gbogbo àlàyé yìí dùn títí akẹ́kọ̀ọ́ á fi gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn, torí kò sẹ́ni tó ń sọ "ní owó" àti "ní ọwọ́" bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa gbọ́ ni:

Mo yá a lówó.
Mo yá a lọ́wọ́ rẹ̀.

Lówó àti lọ́wọ́: ẹsẹ̀ abẹ́ lẹ́tà nìkan ló yà wọ́n, ọ̀pọ̀ wa ni kì í sì í fi ẹsẹ̀ sí i tí a bá ń tẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Òfin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò le. Bí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé ní bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú i, n á dúró: nílé, nínú, nílùú. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ́lì míì, n á di l: lówó, lọ́wọ́, lẹ́nu, lára, lójú. Nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ méjèèjì, èyí tó tú àti èyí tó so, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ní ọwọ́, lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá rí ọwọ́ nínú lọ́wọ́ kò lè mọ̀ pé rẹ̀ ló yẹ kó tẹ̀ lé e.

Àwọn tó ń rìn pẹ̀lú lọ́wọ́ ni gbà, rà, yá, tọrọ, bèèrè, jí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo nǹkan tó ń ti ọ̀dọ̀ èèyàn wá ló ń gba ọwọ́. Ọ̀rọ̀ ń gba ẹnu: "Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá aláṣọ." Ìwà tí a rí kọ́ ń gba ara: "Mo rí i kọ́ lára wọn." Ohun tí ojú ẹni fi hàn, ojú ló ń gbà: "Mo rí i lójú rẹ̀ pé kò fẹ́." Àmọ́ ìbéèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, lọ́wọ́ ló ń gbà: "Mo bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀." Kò sí òfin tó máa sọ èyí fún akẹ́kọ̀ọ́ ṣáájú. Bèèrè lọ́wọ́ ni, ó parí, kó kọ ọ́ bí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Kí ẹ sì ya ràn lọ́wọ́ sọ́tọ̀. Ẹni tí a ràn ń wà láàárín: "mo ràn án lọ́wọ́." Nǹkan kan ò tẹ̀ lé lọ́wọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá ní "mo ràn lọ́wọ́ rẹ̀" ti gbé ẹ̀yà ti rà wọ ràn.

Dúró

Èyí kò gba àkókò, ṣùgbọ́n ará Èkó ò lè ṣe kó máà lò ó. "Dúró dè mí" ni kó o má lọ títí mo fi dé. "Dúró tì mí" ni kó o má fi mí sílẹ̀ nínú ìṣòro. "Dúró fún mi" ni kó o gba ipò mi, kó o ṣojú mi. "Ibi tí mo dúró sí" ni àyè tí ẹsẹ̀ mi wà. Akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi "dúró fún mi" sọ ti àkọ́kọ́, àwọn ọmọ Yorùbá kan náà sì ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò ní dá ìjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí dè wà lẹ́nu rẹ̀.

Àkókò náà ní ti ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń wí pé "mo dúró dè é ní Ojúẹlẹ́gba fún wákàtí kan," ó sì ti wọ́pọ̀ débi pé n kì í bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n "mo fi wákàtí kan dúró dè é" ni àgbà máa sọ, ẹni tó bá sì ti kọ́ fi owó rà á kò ní ṣòro fún láti rí i pé wákàtí náà jẹ́ ohun tí a ń ná.

Bí ìwé akẹ́kọ̀ọ́ ṣe yẹ kó rí

Ojú ewé kan fún ọ̀rọ̀-ìṣe kan. Lókè, ẹ kọ ìdè náà, ìyẹn ọ̀rọ̀-ìṣe àti ọ̀rọ̀ kékeré tó ń bá a rìn, pẹ̀lú ẹnìkan àti nǹkan, kó má baà há mọ́ àpẹẹrẹ kan:

ra nǹkan lọ́wọ́ ẹnìkan
bá ẹnìkan ra nǹkan
yá nǹkan lọ́wọ́ ẹnìkan
yá ẹnìkan ní nǹkan
dúró de ẹnìkan

Lábẹ́ ìdè kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìlà mẹ́ta: gbólóhùn tó ṣẹlẹ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́ gan-an, gbólóhùn náà pẹ̀lú arọ́pò-orúkọ, àti ìbéèrè pẹ̀lú ìdáhùn rẹ̀. Ẹ má ṣe kọ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré. Bí ẹ bá fẹ́ kọ ìtumọ̀, ti odindi gbólóhùn ni kí ẹ kọ. Ojú ewé méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ ti tó. Ẹni tó bá ń kọ mẹ́wàá lọ́sẹ̀ á mọ̀ wọ́n lójú ìwé, kò ní rí wọn lò nínú ọkọ̀.

Ẹ tún fi etí wá wọn. Ẹ rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sọ́jà pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe kan lọ́kàn, gbà fún àpẹẹrẹ, kó máa fetí sí ohun tó tẹ̀ lé e lẹ́nu àwọn tó ń nájà. Kó má ṣe gbìyànjú láti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀.

Nígbà tí ojú ewé kan bá kún, ẹ dán an wò báyìí: kí akẹ́kọ̀ọ́ tún ìtàn náà sọ, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ìyá aláṣọ tó wà ní Balógun ló ń sọ ọ́. Ìyàwó wa kọ́kọ́ sọ pé "Mo ta ànkárá lọ́wọ́ ìyàwó kan." Ó ti gbé ẹnìkejì rà fún tà. Mo ní kó wo ibi tí aṣọ ń lọ. Ó tún un sọ:

"Mo ta ànkárá fún ìyàwó kan. Mo gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, mo fún un ní ṣénjì. Ó ní kí n bá òun dín in kù, mo bá a dín in kù díẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló bá rà á. Ó bi mí ní ọ̀nà ibùdókọ̀, mo fi ọwọ́ júwe rẹ̀ fún un."

Rà lọ́wọ́ àti tà fún ń dojú kọ ara wọn. Gbà lọ́wọ́ àti fún ní náà ń dojú kọ ara wọn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lè sọ ìtàn kan láti ọ̀dọ̀ oníbàárà àti láti ọ̀dọ̀ ọlọ́jà láìdúró wá ọ̀rọ̀ kékeré, ojú ewé yẹn ti parí. Bó bá ń dúró ṣáájú ọ̀rọ̀ kékeré nìkan, tí ọ̀rọ̀ ńlá sì ń yá lẹ́nu rẹ̀, ó ṣì ń túmọ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹ dá a padà sí ìlà àrọ́pò-orúkọ.

Ní ti láti tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo wàhálà yìí, ẹ má lé e jáde. Ó ní àyè tirẹ̀: ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà àti ìbẹ̀rẹ̀ àkókò. Láti Yábàá dé Balógun, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ tí wọ́n jẹ́ láti ọ̀dọ̀ bàbá. Ẹ kíyè sí i pé dé ló gba ìparí ọ̀nà náà, kò sì béèrè sí kankan: "a dé Balógun." Bí ẹ bá gbọ́ "a dé sí ilé wọn," wọn ò sọ pé àwọn kan dé ibẹ̀ lásán. Ibẹ̀ ni wọ́n wọ̀ sí, ibẹ̀ ni wọ́n máa sùn.

Ojú ewé tó kàn fún ìyàwó wa ni gbà: gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnìkan, gba ẹnìkan lọ́wọ́ ewu, gbà fún ẹnìkan, gba ẹnìkan ní ìmọ̀ràn, bá ẹnìkan gba nǹkan. Kí ó tó kọ ìkankan sílẹ̀, mo ní kó lọ gbọ́ mẹ́ta nínú wọn lẹ́nu àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ní Múṣin.